Ooru Ọ̀sán Tó Ń Sùn Nínú Yàrá Wa

Bí ẹ bá ń gbé yàrá tó wà lókè pátápátá nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ṣómólú bíi tèmi, ẹ̀yin náà á ti ṣàkíyèsí ohun kan. Ní aago 11 alẹ́, tí oòrùn ti wọ̀ láti bíi wákàtí mẹ́rin, ẹni tó jókòó síta ń gba atẹ́gùn, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú yàrá ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán. Ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ ó rí i pé ó ṣì ń gbóná. Kì í ṣe ooru alẹ́ lẹ̀ ń gbà yẹn o. Ooru ọ̀sán ni, ògiri ló bá yín tọ́jú rẹ̀ di àsìkò oorun.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Páànù fúyẹ́, ó tètè ń gbóná, ó sì tètè ń tutù. Kó tó di ọ̀sán gangan ló ti ń da ooru sílẹ̀ sórí àjà, pàápàá páànù tó ti dípẹtà, nítorí àwọ̀ tó ṣú máa ń fa oòrùn mu ju àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín páànù àti àjà kò rí ibi gbà jáde. Àjà náà á wá gbóná, á sì máa rọ ooru lé wa lórí. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ní tirẹ̀ wúwo. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì máa ń pẹ́ kó tó jọ̀wọ́ ooru tó ti gbà. Ohun tí oòrùn fún un láti aago 1 ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ó lè má dá a padà tán títí di ọ̀gànjọ́. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá ń ráhùn àìrí oorun sùn pé òwúrọ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó má dúró di alẹ́.

Oṣù kejì ọdún 2024 ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ọ̀sẹ̀ tí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà pàdánù àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Àbíjàn ni, tí ooru bo ilẹ̀ etíkun láti ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún títí dé Èkó. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ṣírò ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pọ̀, wọ́n ní bó ti ń ṣe ara tó nǹkan bí ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Mo ra tẹmomítà kékeré kan, mo fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ní aago 3 ọ̀sán, yàrá mi wà ní 37, ìta lábẹ́ ibòji sì wà ní 33. Ní aago 10 alẹ́, ìta ti sọ̀ kalẹ̀ dé 28, yàrá ṣì dúró sí 34. Ìgbà tí mo rí i pé ìta tutù ju inú lọ tó bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé mo lè rí nǹkan ṣe sí i láìsí ẹ̀rọ amúlétutù, kí iná mọ̀nàmọ́ná wà tàbí kó má wà.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ká má jẹ́ kí oòrùn wọlé. Ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣí fèrèsé gbayawu lọ́sàn-án nítorí atẹ́gùn. Bí ẹ bá wà nínú yàrá, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí yín lára, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́, tí ẹ fi ilé sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ ti fèrèsé tí oòrùn ń kọjú sí, kẹ́ ẹ sì ta nǹkan bò ó. Ìta ni kẹ́ ẹ ti ta á. Kọ́tìnì inú yàrá ń ran ni lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti la gíláàsì kọjá, ooru rẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Ẹní ni èmi so mọ́ irin fèrèsé mi níta, mo fi àlàfo tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láàárín òun àti gíláàsì kí afẹ́fẹ́ lè máa gbabẹ̀ kọjá.

Ti òrùlé gba pé kí n lọ bá bàbá onílé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kun páànù ní ọ̀dà funfun. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Páànù ni kí n máa kùn? Ta ló máa rí i lókè yẹn?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, oòrùn á rí i.” Odindi oṣù kan ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà. Ọ̀dà funfun ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú oòrùn padà sójú ọ̀run, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, a fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dènà ìpẹtà kùn ún, lẹ́yìn náà la tó kun funfun lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá kun ọ̀dà sórí ìpẹtà, bí òjò bá ti rọ̀ ní ọ̀dà náà máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Eruku ọyẹ́ náà á sọ ọ́ di pupa, nítorí náà ó yẹ ká máa fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún lẹ́yìn ọyẹ́. Lẹ́yìn ẹní àti ọ̀dà, tẹmomítà mi ń ka 31 ní aago 10 alẹ́ níbi tó ti ń ka 34 tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n oorun mi mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Bílẹ̀ bá wá ṣú, tí ìta ti tutù ju inú lọ, ẹ ṣí gbogbo ohun tó ṣeé ṣí. Bí iná bá wà, tàbí bí fáànù oníbátìrì yín bá ní agbára, ẹ gbé fáànù sójú fèrèsé, kẹ́ ẹ kọ ojú rẹ̀ síta, kẹ́ ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn tó wà ní òdìkejì. Ó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu bí mo bá sọ ọ́. Fáànù á máa ti afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde, afẹ́fẹ́ tútù á sì máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ẹ yí i padà sára yín.

Fáànù fúnra rẹ̀ kì í sọ afẹ́fẹ́ di tútù. Òógùn ara wa ló ń mú kí ó gbẹ, òógùn tó ń gbẹ yẹn ló ń gbé ooru kúrò lára. Nítorí náà, bí ẹ bá fi aṣọ tútù nu ọrùn, apá àti ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó síwájú fáànù, agbára fáànù pọ̀ sí i. Àwọn kan máa ń ta aṣọ tútù síwájú fáànù dípò ara wọn. Ìyẹn dára nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, àmọ́ ní Èkó lóṣù kẹta, ọ̀rinrin ti kún afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí yàrá bá wà ní títì, ńṣe lẹ ó tún máa fi ọ̀rinrin kún ọ̀rinrin, òógùn yín ò sì ní gbẹ mọ́. Ara ni kẹ́ ẹ fi omi sí. Bí yàrá bá sì ti gbóná ju ìwọ̀n 40 lọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé fáànù lè máa fẹ́ ooru síni lára ni. Ẹ jáde lọ síbi tó tutù.

Bí iná bá lọ lóru, ẹ fi fóòmù sílẹ̀, nítorí ó máa ń ká ooru mọ́ ẹ̀yìn ẹni. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Nẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ kúrò lórí yín o, bó tilẹ̀ ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá máa sùn ní báńkóònì, ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kò nílò ju aṣọ fífẹ́lẹ́ kan lọ. Ẹ máa fọwọ́ kan àyà àti ọrùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ooru ń mú un. Èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ni kẹ́ ẹ máa fún un léraléra, kì í ṣe omi.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù ni ti jẹnẹrétọ̀. Lóru ọjọ́ kan, ẹnì kan nínú ilé wa gbé tirẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí àwọn olè. Èmi àti àbúrò mi jí pẹ̀lú orí fífọ́, òòyì ń kọ́ ọ, èébì ń gbé e. A rò pé ooru ni. Ìgbà tá a dé ìta, tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, la tó mọ̀ pé èéfín ni. Gáàsì tó wà nínú èéfín yẹn, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ọ̀sáìdì, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó bá sì ti sùn lọ lè má jí mọ́. Àmì tó yẹ kó lé yín jáde ni pé kí orí máa fọ́ èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì máa dẹ̀ bí wọ́n bá dé ìta. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sílé tó mítà 6, ó kéré tán, ìyẹn bí ìgbésẹ̀ àgbàlagbà mẹ́jọ, kí ẹnu ibi tó ń gbà tú èéfín má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Báńkóònì kì í ṣe ìta. Fèrèsé ṣíṣí kò tó láti lé gáàsì náà. Bí ẹ kò bá ní àyè tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì fáànù oníbátìrì nírọ̀lẹ́ níta gbangba, kẹ́ ẹ sì pa á kẹ́ ẹ tó sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan lóṣù kẹta ni ọmọ ìyá àgbà kan tó ń gbé nítòsí wa ké jáde pé, “Ibà ti mú màmá mi, wọ́n ń sọ kántankàntan!” Ara ìyá náà gbóná janjan, wọn kò sì dá ọmọ wọn mọ̀. Ẹnì kan ti ń wá oògùn ibà, ẹlòmíì mú parasitámọ́ọ̀lù wá. Nọ́ọ̀sì kan nílé kejì dá wọn dúró. Ó ní, “Ẹ bu omi wá ná. Bó bá jẹ́ ibà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù. Ooru yìí ò ní dúró dè wá.” Bí ooru inú ara bá ti dé ìwọ̀n 40, tí ọpọlọ sì ti ń dàrú, parasitámọ́ọ̀lù kò lè ṣe nǹkan kan sí i, omi àti atẹ́gùn ló lè ràn án lọ́wọ́. Wọ́n gbé ìyá sábẹ́ ibòji, wọ́n tú aṣọ wọn, wọ́n da omi sí wọn láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n fi aṣọ tútù sí ọrùn, abíyá àti ìtan wọn, ẹni méjì sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Nọ́ọ̀sì náà kò jẹ́ kí wọ́n rọ omi sí wọn lẹ́nu, nítorí ẹni tí kò mọ ibi tó wà lè fi omi há ọ̀nà ọ̀fun. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wọn lọ, wọn ò dáwọ́ omi dúró.

Ní ọsibítù, dókítà béèrè oògùn tí ìyá ń lò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń mú èèyàn tọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà wà lára rẹ̀, ìyẹn sì ti dín omi ara wọn kù. Wọn kò ní kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, dókítà tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe fún àsìkò ooru ni. Ìyá padà sílé lọ́jọ́ kẹta. Ẹní méjì ló wà lójú fèrèsé wọn báyìí, ọmọ wọn ló ń ta á kó tó lọ sọ́jà láràárọ̀.