Ìwé Ìlànà Gígùn, Káàdì Kúkúrú: Àpẹẹrẹ Àyẹ̀wò Ibà

Ìwé ìlànà iṣẹ́ tí yàrá àyẹ̀wò ń lò fún àyẹ̀wò kan ṣoṣo lè gba ojúewé púpọ̀. Yóò kọ́kọ́ sọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ àti àwọn tí ó kàn. Yóò ṣàlàyé bí àyẹ̀wò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun èlò ní ilé ìpamọ́, kí ó tó wá kan ìgbésẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí wọ́n ń ṣe bí nǹkan bá bàjẹ́, àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ó wúlò fún ọ̀gá, ó wúlò fún ẹni tó wá yẹ iṣẹ́ wò láti òde. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tuntun tó ti wọ ìbọ̀wọ́, tó di ìka ọmọ tó ń sunkún mú, kò lè máa ṣí ìwé. Káàdì ojúewé kan tó wà ní ọ̀kánkán ojú rẹ̀ ni yóò ràn án lọ́wọ́, káàdì tó ń sọ ohun tó kàn láti ṣe, tí kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò ibà kíákíá ni ibi tí ọ̀rọ̀ káàdì yìí ti hàn kedere jù lọ. Ní 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa ṣàyẹ̀wò ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fura pé ibà ń ṣe kí wọ́n tó fún un ní oògùn. Awò tí wọ́n fi ń wo kòkòrò kò sì sí ní gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì ṣiṣu kékeré ló gba iṣẹ́ náà: ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú ihò kan, omi àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní bọ́fà nínú ihò kejì, kí ìlà wá yọ lójú fèrèsé rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sáḿbíà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008, wọ́n pín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ìwé inú páálí nìkan ni wọ́n fún ọ̀wọ́ kìíní. Ọ̀wọ́ kejì gba káàdì alàwòrán. Ọ̀wọ́ kẹta gba káàdì náà pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí díẹ̀. Bí a bá ka ìgbésẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gbé sí ọgọ́rùn-ún, ọ̀wọ́ kìíní gbé 57 bó ṣe yẹ, ìkejì gbé 80, ìkẹta sì gbé 92. Káàdì nìkan ti mú ìyàtọ̀ ńlá wá, àmọ́ kò gba ipò olùkọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú káàdì bẹ́ẹ̀ máa ń mú ìwé ìlànà, wọ́n á máa fa ìlà sí ohun tí wọ́n rò pé kò pọn dandan, títí yóò fi wọ ojúewé kan. Ohun tó máa ń jáde nínú ìyẹn ni ìwé ìlànà tó rù. Ibi tó yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò. Kí wọ́n jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, títí kan èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ṣe. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo ẹni tuntun, kí wọ́n sì sàmì sí ibi tó ti ṣì. Àṣìṣe àwọn ẹni tuntun kì í sábà yàtọ̀ síra: wọ́n á gún ìka nígbà tí sípíríìtì ṣì tutù lórí rẹ̀, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ tó ti gún èèyàn sórí tábìlì, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù, wọ́n á ka èsì kí àkókò tó pé. Àṣìṣe wọ̀nyí ni yóò sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wọ inú káàdì.

Ohun tó yẹ kó jáde kò ṣòroó mọ̀. Àlàyé nípa èròjà tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí kásẹ́ẹ̀tì ń wá, kò ní ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni pé, nínú ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì, èròjà yẹn lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò, tí ìlà yóò sì máa yọ síbẹ̀. Ẹni tó ń kọ oògùn ni èyí kàn, kí ó dúró sínú ìwé ìlànà. Bí ilé ìpamọ́ ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó jẹ́ ti olùtọ́jú ilé ìpamọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí agbára kásẹ́ẹ̀tì yóò parí gbọ́dọ̀ wà lókè káàdì, torí òṣìṣẹ́ náà ni ẹni ìkẹyìn tí yóò rí i kí ó tó ya ọ̀rá rẹ̀.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé apá kan wà tí ó máa ń gùn sí i nígbà tí wọ́n bá ń gé ìwé kúrú. Ká wo gbólóhùn kan irú èyí tó máa ń wà nínú ìwé ìlànà: “Lẹ́yìn tí a bá ti nu ìka aláìsàn, kí òṣìṣẹ́ gún un, kí ó gba ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó yẹ sínú ihò tí a pèsè fún un, kí ó sì kán bọ́fà sí i gẹ́gẹ́ bí olùṣe ohun èlò ti là á kalẹ̀.” Ẹni tó ti ṣe é fún ọdún mẹ́wàá yóò ka èyí, yóò sì yé e. Ẹni tó dé lánàá kò tíì mọ ìka wo, kò mọ ìwọ̀n wo, kò mọ ibi tí yóò ju abẹ́rẹ́ sí. Lórí káàdì, gbólóhùn kan yẹn di báyìí:

5. Fi òwú sípíríìtì nu ìka tó tẹ̀lé ọmọńdinrín. Dúró kí ó gbẹ.
6. Gún ẹ̀gbẹ́ ìka náà.
7. Ju abẹ́rẹ́ sínú àpótí abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀.
8. Fa ẹ̀jẹ̀ dé ìlà tó wà lára ọ̀pá.
9. Fi ẹ̀jẹ̀ náà sínú ihò A.
10. Ju ọ̀pá sínú àpótí abẹ́rẹ́.
11. Kán ẹ̀kán bọ́fà 6 sínú ihò B.
12. Kọ aago. Dúró ìṣẹ́jú 15.

Iṣẹ́ ọwọ́ kan ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì ṣíwájú. Ìlà 5 sọ pé kí ìka gbẹ nítorí pé sípíríìtì tútù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kó jọ. Ńṣe ni yóò ṣàn káàkiri ìka. Ìlà 7 kò ṣe nǹkan kan fún èsì àyẹ̀wò. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló ń dáàbò bò, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ dúró di ìparí, nígbà tí abẹ́rẹ́ yóò ti wà lórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ìlà 8, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sábà ń lò kò ju maikrolítà 5 lọ, ó kéré gan-an sí ẹ̀kán kan tó bá jáde lórí ìka. Bí ó bá pọ̀ jù, fèrèsé kásẹ́ẹ̀tì yóò pupa débi pé ìlà kò ní hàn. “Gẹ́gẹ́ bí olùṣe ti là á kalẹ̀” sì ti di nọ́ńbà, torí káàdì tó bá ń rán èèyàn lọ wo ìwé mìíràn kò tíì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Káàdì gbogboogbò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún àyẹ̀wò yìí ní ìgbésẹ̀ 16, gbogbo rẹ̀ sì wọ ojúewé kan pẹ̀lú àwòrán.

Kíka èsì ló yẹ kí ó gba ààyè jù lọ lórí káàdì. Ìlà C ń fi hàn pé kásẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, ìlà T ń fi hàn pé ibà wà. Ẹni tuntun kì í ṣì í bí méjèèjì bá pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà ni nígbà tí T bá yọ fẹ́ẹ́rẹ́, tí òṣìṣẹ́ yóò rò pé kò ka nǹkan kan. Ó ka: T fẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú C túmọ̀ sí pé ibà wà. Èyí tó tún máa ń da ojú rú ni kí T yọ láìsí C. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti bàjẹ́, èsì rẹ̀ kò ṣeé lò, òmíràn ni kí wọ́n ṣí. Nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni kí wọ́n yà síbẹ̀: C pẹ̀lú T tó pọ́n, C pẹ̀lú T fẹ́ẹ́rẹ́, C nìkan, T nìkan, àti èyí tí kò ní ìlà rárá. (Bí ẹ̀rọ aláwọ̀ dúdú bá da káàdì yìí kọ, T fẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pòórá, òun gan-an sì ni wọ́n ṣe yàwòrán sí.) Àkókò náà ní ààlà méjì. Bí wọ́n bá kà á kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, ẹ̀jẹ̀ lè má tíì ṣàn kúrò lójú fèrèsé. Bí wọ́n bá sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi gbẹ, ìlà èké lè yọ. Ìdí nìyí tí ìlà 12 fi sọ pé kí wọ́n kọ aago, torí ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lórí tábìlì kò lè fi orí rántí ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti kọ káàdì tán, ẹni tí kò ṣe àyẹ̀wò náà rí ni kí wọ́n fún. Ẹni tó kọ ọ́ yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́, kò ní sọ̀rọ̀, kò ní mi orí, yóò kàn máa sàmì sí ìgbésẹ̀ tó tọ̀nà àti èyí tí kò tọ̀nà. Ìyà ńlá ni dídákẹ́ yìí fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá ṣì í níbì kan náà, káàdì ló ní ẹ̀bi. Àwòrán sì máa ń ní ẹ̀bi ju ọ̀rọ̀ lọ. Aago tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí 3 lè jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú ẹni tó yà á, kí ó jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán lójú ẹni tó ń kà á. Ó sàn kí wọ́n kọ “ìṣẹ́jú 15” gàdàgbà. Àwòrán ọwọ́ tí wọ́n yà láti ibi tí aláìsàn jókòó sí yóò yí òsì padà di ọ̀tún, nítorí náà ojú òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n fi yà á.

Ewu tó kù ni kí ilé ìpamọ́ kó irú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn dé. Òmíràn ń gba ẹ̀kán bọ́fà 2, òmíràn 6. Òmíràn ń fẹ́ ìṣẹ́jú 15, òmíràn 20. Káàdì àtijọ́ yóò wà lára ògiri, òṣìṣẹ́ yóò sì fi òótọ́ inú tẹ̀lé nọ́ńbà tí kò tọ̀nà. Bọ́fà inú páálí kan kò sì ṣeé lò fún òmíràn. Bí ó bá tán, tí wọ́n bá fi omi tàbí omi ìfàsára dípò rẹ̀, ìlà T lè yọ fún ẹni tí kò ní ibà, nítorí náà ó tọ́ kí “Bọ́fà inú páálí yìí nìkan” ṣíwájú ìlà 11. Irú kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán páálí rẹ̀ lókè. Nísàlẹ̀ ni nọ́ńbà ìwé ìlànà tí wọ́n ti fà á yọ yóò wà, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ìbuwọ́lù olórí yàrá àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ tí ìwé ìlànà bá yí padà ni káàdì yóò yí padà. Ẹni tó bá lẹ tuntun mọ́ ògiri ni yóò já àtijọ́ kúrò, títí kan ẹ̀dà tó wà lábẹ́ gíláàsì tábìlì àti èyí tí ẹnì kan ti tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀.