Bí Nọ́ńbà Mẹ́ta Ṣe Ń Di Àwọ̀ Kan

Lórí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà mẹ́ta ló ń ṣojú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: ìwọ̀n pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, láti 0 dé 255. Àwọ̀ ọsàn jẹ́ 255, 165, 0. Ẹni tó ń ṣe ojú ìwé ayélujára lè so wọ́n pọ̀ báyìí: `#FFA500`.

Ẹ fi 16 pín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Iye ìgbà tó wọ inú rẹ̀ ni àmì àkọ́kọ́, ìyókù ni ìkejì. Fún 10 dé 15, lẹ́tà A dé F la ń lò. 16 wọ inú 165 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ku 5; A5 nìyẹn.

Odo ló sábà máa ń da iṣẹ́ rú. Ẹ wo 10, 11, 12: `#0A0B0C` ló yẹ kó jẹ́, àwọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú pátápátá. Bí ẹ bá gbàgbé odo, tí ẹ kọ `#ABC`, ẹ̀rọ yóò kà á sí `#AABBCC`, àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀, kò sì ní sọ pé àṣìṣe wà. Nínú Páítọ̀nù, `02` tó wà nínú àṣẹ yìí ló ń fi odo náà kún un:

```
"#%02X%02X%02X" % (10, 11, 12)
```