Ṣé Apá Méjèèjì Ìwé Ìṣirò Yín Dọ́gba?

Gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ ní, owó tó yá tàbí owó ẹni tó ni ín ló fi ní in. Ìdí nìyí tí àpapọ̀ ohun ìní fi gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú gbèsè àti owó onílé-iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé búrẹ́dì kékeré kan. Ààrò rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000, ìyẹ̀fun ₦350,000, owó báńkì ₦400,000, àwọn oníbàárà sì jẹ ẹ́ ní ₦250,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,200,000. Ní apá kejì, gbèsè jẹ́ ₦1,000,000, owó ìdásílẹ̀ ₦900,000, èrè tí wọn ò tíì pín ₦300,000. Ó dọ́gba.

Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì kọ 250,000 sí 520,000, ìyàtọ̀ ₦270,000 yóò yọjú. Ẹ fi 9 pín ìyàtọ̀ náà. Bí kò bá ṣẹ́ kù, ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà méjì tó gba ipò ara wọn.

Ṣùgbọ́n ìdọ́gba nìkan kò tó. Bí wọ́n bá ra ìyẹ̀fun láwìn tí wọn ò kọ ọ́ rárá, apá méjèèjì á dín ní iye kan náà, ìwé á sì dọ́gba síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka àpò ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé báńkì àti ìwé ẹni tó tajà fún yín wé ohun tí ẹ kọ.