Iyọ̀ Ń Fa Omi, Ògiri Ń Tì Í Padà: Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Omi Yóò Gbà Nínú Ewéko

Tí oòrùn ọ̀sán bá ti pa ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lórí àtẹ, ẹlẹ́fọ̀ọ́ á bu omi, á wọ́n ọn sí i, kò sì ní pẹ́ tí ewé tó ti sorí kọ́ yóò tún gbérí. Ẹni tó bá sì ti bu iyọ̀ sí kùkúḿbà gígé rí mọ̀ pé omi ló máa ń sun jáde lára rẹ̀. Bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè ohun tó fà á, á dáhùn kíákíá pé ibi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá pọ̀ sí ni omi ń lọ. Kò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ ká bi í léèrè kan sí i. Nígbà tí ewé tẹ̀tẹ̀ bá ti mumi yó tó sì ti le, ṣúgà àti iyọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, omi lásán ló sì wà lóde. Kí ló dé tí omi ò wọlé mọ́? Tó bá jẹ́ iyọ̀ nìkan ló ń pàṣẹ, ńṣe ni omi ì bá máa rọ́ wọlé títí gbogbo ewé náà á fi bẹ́. Ohun tó dá omi dúró ni ògiri.

Sẹ́ẹ̀lì ewéko kọ̀ọ̀kan ní awọ fẹ́lẹ́ kan tó máa ń jẹ́ kí omi kọjá fàlàlà ṣùgbọ́n tí kì í fẹ́ jẹ́ kí ṣúgà àti iyọ̀ kọjá. Lẹ́yìn awọ yìí ni ògiri líle wà. Omi tó bá wọlé á fẹ awọ náà, awọ á tẹ ògiri, ògiri náà á sì tẹ̀ ẹ́ padà. Ìtẹ̀padà yìí là ń pè ní ìfúnpá. Ó lágbára ju bí ojú ti lè rí i lọ. Ẹni tó ń fun atẹ́gùn sí táyà mọ́tò sábà máa ń dá a dúró ní nǹkan bíi 0.22 mẹ́gápásíkà, ìyẹn 32 lórí òṣùwọ̀n àwọn fọkanáísà. Ìfúnpá inú sẹ́ẹ̀lì ewé tó yó dáadáa lè tó 0.5, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló ń gbé ewé ẹ̀fọ́ ró, nítorí kò sí igi nínú rẹ̀.

Ohun méjì ló wá ń pinnu ibi tí omi ń lọ: èròjà tó yòrò sínú omi, àti ìfúnpá tó wà lórí omi náà. Àwọn onímọ̀ ewéko máa ń ro méjèèjì pọ̀ di nọ́ńbà kan, tí a ó pè ní ipá omi. Àmì rẹ̀ ni Ψ, wọ́n sì ń kọ ọ́ báyìí:

Ψ = Ψs + Ψp

Ψs ni ìpín ti èròjà, Ψp ni ìpín ti ìfúnpá. Omi mímọ́ tó wà nínú abọ́ láìdérí ni wọ́n fún ní òdo. Èròjà yòówù tó bá yòrò sínú omi máa ń fa Ψs wálẹ̀ sábẹ́ òdo, kì í gbé e sókè láé. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, ìfúnpá ògiri máa ń ti Ψp lọ sókè òdo. Òfin tó kù kò ju ẹyọ kan lọ: omi ń ti ibi tí Ψ ti ga lọ síbi tó ti rẹlẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé lábẹ́ òdo, −0.3 ga ju −0.8 lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń fẹsẹ̀ kọ nínú ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká fi ewé tẹ̀tẹ̀ wa ṣe ìṣirò. Ká gbà pé Ψs sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ −0.8. Ó ti rọ, ògiri ò tẹ omi mọ́, Ψp sì ti di òdo. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ −0.8. Omi tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ wọ́n sí i wà ní òdo, nítorí náà ó gba inú ewé lọ. Bó ṣe ń wọlé ni ìfúnpá ń ròkè. Èròjà inú sẹ́ẹ̀lì náà ń là díẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ni lóòótọ́, torí ògiri kò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì fẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí Ψs bá fi dé −0.75, tí Ψp sì dé +0.75, àpapọ̀ di òdo, ó bá ti ìta dọ́gba. Omi ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n iye tó ń wọlé kò ju iye tó ń jáde lọ mọ́. Ìfúnpá ló yanjú ọ̀rọ̀ náà, èròjà inú ewé kò lọ síbì kankan.

Ká wá sọ iyọ̀ sí i. Òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ Ψs ti omi tí nǹkan yòrò sí nìyí:

Ψs = −iCRT

C ni iye móòlù èròjà tó wà nínú lítà kan. i ni iye ègé tí ẹyọ kan ń pín sí: ṣúgà kì í pín, nítorí náà 1 ni tirẹ̀, iyọ̀ ìsebẹ̀ ń pín sí méjì. Bí ìwọ̀n ooru bá jẹ́ 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, R àti T di 2.48 nígbà tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀. Jacobus van 't Hoff, ará Nẹ́dálándì, ló fi ìṣirò yìí lélẹ̀, ó sì wà lára iṣẹ́ tó mú un gba ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ kẹ́míkà ní 1901. Ṣíbí ìpotíì méjì iyọ̀, nǹkan bíi gíráàmù 12, nínú lítà omi kan jẹ́ móòlù 0.2. Sọ ọ́ di méjì, kí o fi 2.48 sọ ọ́ di púpọ̀, ó sún mọ́ −1.0. Bí a bá ju ewé tó yó, tí Ψ rẹ̀ jẹ́ òdo, sínú omi yìí, omi á jáde. Ìfúnpá ló máa kọ́kọ́ já wálẹ̀, ewé á rọ. Nígbà tí Ψp bá kan òdo, tí omi ò sì yéé jáde, awọ fẹ́lẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò lára ògiri. Tí a bá bó èèpo tínrín tó pupa lára àlùbọ́sà pupa tí a sì fi máíkírósíkóòpù wò ó, a ó rí àwọ̀ pupa náà tó kóra jọ sí àárín àpótí òfìfo.

Ibi tí àbá ìlàjì yẹn ti máa ń gbé ènìyàn ṣubú nìyí. Sẹ́ẹ̀lì méjì fara kanra. Ti àkọ́kọ́ ní èròjà púpọ̀: Ψs rẹ̀ jẹ́ −0.9, ṣùgbọ́n ó yó, Ψp rẹ̀ jẹ́ +0.6. Èkejì kò ní èròjà tó bẹ́ẹ̀, Ψs rẹ̀ jẹ́ −0.6, ó sì ti ń rọ, Ψp rẹ̀ kò ju +0.1 lọ. Ẹni tó ń wo èròjà nìkan á ní ọ̀dọ̀ àkọ́kọ́ ni omi ń lọ. Ẹ rò wọ́n pọ̀: àkọ́kọ́ jẹ́ −0.3, èkejì jẹ́ −0.5. Omi fi ibi tí èròjà ti pọ̀ sílẹ̀, ó gba ibi tí kò ti pọ̀ lọ. Kò sí awúrúju níbẹ̀, ìfúnpá ló tì í.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ nọ́ńbà wọ̀nyí, nígbà tí a kò lè ki òṣùwọ̀n táyà bọnú sẹ́ẹ̀lì? Àlùbọ́sà, ṣúgà àti òṣùwọ̀n kékeré tó péye tó láti bẹ̀rẹ̀. Po omi ṣúgà oríṣiríṣi: omi lásán, gíráàmù 34 nínú lítà kan, 68, 103 àti 137. Wọ́n dúró fún móòlù 0, 0.1, 0.2, 0.3 àti 0.4. Gé àlùbọ́sà sí ègé tó dọ́gba, nu ara wọn, wọn ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o rẹ wọ́n fún wákàtí díẹ̀ nínú abọ́ tí a dé, kí o tún nù wọ́n, kí o tún wọ̀n wọ́n. Èyí tó wúwo sí i ti gba omi, èyí tó fúyẹ́ ti pàdánù. Èyí tí kò yí padà wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú omi tó yí i ká. Ká ní inú 0.2 ni: omi ṣúgà inú abọ́ kò ní ìfúnpá kankan lórí, Ψ rẹ̀ jẹ́ −0.5, ti àlùbọ́sà náà sì nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé Ψ la rí, a kò tíì rí Ψs. Ọ̀pọ̀ ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń da méjèèjì pọ̀. Láti rí Ψs, a ó padà sídìí máíkírósíkóòpù, a ó wá omi ṣúgà tí awọ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já kúrò lára ògiri nínú ìdajì àwọn sẹ́ẹ̀lì. Níbẹ̀, ìfúnpá ti tán, Ψs nìkan ló kù. Bí ó bá jẹ́ ní 0.4, Ψs jẹ́ −1.0. Yọ −1.0 kúrò nínú −0.5, Ψp tí àlùbọ́sà náà ní níbẹ̀rẹ̀ jẹ́ +0.5. Nọ́ńbà yìí kò péye pátápátá, torí sẹ́ẹ̀lì ti sún kì díẹ̀ kí ìfúnpá tó tán, èèpo tínrín àti ẹran àlùbọ́sà kì í sì í fìgbà gbogbo dọ́gba. Nínù tí kò bá ara mu ló sì ń ba ìwúwo jẹ́ jù. Tí ègé inú omi lásán bá fúyẹ́ dípò kó wúwo, ẹ fura sí nínù, tàbí kẹ́ ẹ fura pé àlùbọ́sà náà ti kú. Èyí tí a bá ti bọ̀ kò ní ṣiṣẹ́, awọ rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣúgà ń gbabẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú.

Ìṣirò yìí ń sọ apá ibi tí omi ń lọ, kò sọ bó ṣe máa yára tó. Nínú ilẹ̀ gbígbẹ, bí ilẹ̀ ṣe ń di omi mú tún wà níbẹ̀, a gbọ́dọ̀ kà á kún un.

Àgbẹ̀ ló máa ń jẹ ìyà jù nígbà tí a bá ṣi ìṣirò náà ṣe. Gbòǹgbò àgbàdo tí Ψs rẹ̀ jẹ́ −0.8, tí Ψp rẹ̀ jẹ́ +0.5, wà ní −0.3. Ilẹ̀ tútù tó wà ní −0.1 á fún un lómi. Bu ajílẹ̀ ìgbàlódé lé ìdí rẹ̀ ní ẹ̀kúnwọ́, kó yòrò títí omi ilẹ̀ yóò fi di −0.9, ilẹ̀ kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi lọ́wọ́ gbòǹgbò. Àmì rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tutù, síbẹ̀ àgbàdo ń rọ, etí ewé rẹ̀ sì ń jó. Ẹ má fi ajílẹ̀ kún un. Ẹ bu omi púpọ̀ sí i kí ó lè fọ iyọ̀ náà wọ ilẹ̀ lọ, lọ́jọ́ mìíràn kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ajílẹ̀ jìnnà sí ìdí àgbàdo ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10.