Wọ́n Rà Á, Ṣé Wọ́n Kà Á?

Bí ẹ bá ń wá Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1938, lórí ìkànnì ilé ìtàwé ńlá, ẹ lè bá ìwé mìíràn tí wọ́n tò sísàlẹ̀ rẹ̀, pé àwọn tó ra èyí ra ìwọ̀nyí náà. Ó máa ń dà bíi pé òǹkàwé ẹgbẹ́ yín ló ń dábàá. Rísíìtì ọjà lásán ló ń sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 2003, àwọn òṣìṣẹ́ Amazon mẹ́ta ṣàlàyé bí ọ̀nà tiwọn ṣe ń ṣiṣẹ́: ìwé méjì tí àwọn oníbàárà kan náà sábà máa ń rà ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀. Kò sí ìdí fún un láti ṣí ìwé náà wò.

Ẹ jẹ́ ká fọkàn dá ilé ìtàwé kan tó ní oníbàárà 10,000. Àwọn 2,000 ti ra Harry Potter. Ẹni 20 péré ló ra Fágúnwà. 6 nínú wọn ra Harry Potter, 4 sì ra ìwé ìtàn ọdẹ kan tí kò ju ẹni 10 lọ tó rà á rí. Bí kọ̀ǹpútà bá kàn ka orí, Harry Potter ni yóò gbé sókè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣa ẹni 20 láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ẹ óò bá nǹkan bí 4 tó ti ra Harry Potter. Òkìkí ló fà á, kì í ṣe Fágúnwà. Ìwé ọdẹ ńkọ́? Nínú irú ẹni 20 bẹ́ẹ̀, ẹ lè má rí ẹyọ ẹnì kan tó rà á. Ìdí nìyẹn tí ilé ìtàwé tó mọṣẹ́ fi máa ń dín agbára ìwé olókìkí kù nínú ìṣirò.

Àtúnṣe yẹn náà ní ewu tirẹ̀, torí ẹni 4 kéré. Wọ́n lè jẹ́ ọmọ kíláàsì kan náà tí olùkọ́ ní kí wọ́n ra ìwé méjèèjì. Èmi fúnra mi ra Fágúnwà pẹ̀lú ìwé ìṣirò owó tí ọmọ àbúrò mi fẹ́ fi ka ìdánwò. Rísíìtì kan ló gbé méjèèjì, n kò sì lóye ojú ewé kan nínú èkejì.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán àbá wò rọrùn. Mo máa ń ṣí ojú ewé ìwé tí kò bá tèmi tan rárá, bí ìwé ìdáná. Bí àbá kan náà bá tún wà níbẹ̀, òkìkí ni. Bí mo bá rí Sponsored lára rẹ̀, ẹnì kan ló sanwó kí ó lè hàn. Èyí tó bá kù, kí ẹ ka ojú ewé díẹ̀ tí ìkànnì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó sanwó.