Níbo Ni Ẹrù Mi Sùn Sí?

Bí ẹrù bá pẹ́ lọ́nà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìbínú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó gbé e. Wọ́n á ní àwọn pè títí, kò sẹ́ni tó gbé fóònù. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ akọ̀wé tó ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò ní rí ohun tó lè fi wá ẹrù nínú rẹ̀. Á tọrọ àforíjì, ó parí.

Ohun méjì ló yẹ kí lẹ́tà náà béèrè: kí wọ́n tọpinpin ẹrù, kí wọ́n sì san owó gbà-máà-bínú. Ìtọpinpin ló ṣíwájú, torí ibi tí ẹrù sùn sí ló ń fi ẹni tó jẹ̀bi hàn. Bó bá há sọ́wọ́ aṣọ́bodè nítorí ìwé ọjà tí kò pé, ilé-iṣẹ́ náà lè jàre. Bó bá jẹ́ pé àká ẹrù tiwọn ló wà, àwáwí tán.

Ẹ jẹ́ ká fi oníṣòwò àdìrẹ kan ní Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, 2025, ó fi ẹrù ìwọ̀n kílò 3 ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ ní Bámíńgáàmù, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ iṣẹ́ méje ni wọ́n ṣèlérí fún un, ìyẹn ni pé ó yẹ kí ẹrù dé ní ọjọ́ 15. Àdìrẹ náà tó ₦150,000, owó ìfiránṣẹ́ sì jẹ́ ₦60,000. Láti ọjọ́ 9 ni nọ́ńbà ìtọpasẹ̀ ti ń sọ pé ẹrù wà ní Ìkẹjà. Nígbà tó di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, oníbàárà gba owó rẹ̀ padà. Obìnrin yìí ló yẹ kó kọ̀wé, kì í ṣe oníbàárà rẹ̀, nítorí òun ló bá wọn ṣàdéhùn.

Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni: àdírẹ́sì méjèèjì, déètì, àkọlé tó ní nọ́ńbà wébíìlì nínú. Lẹ́yìn èyí, ó lè wí báyìí:

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ẹrù yìí ní àká yín ní Ìkẹjà, níbi tí àkọsílẹ̀ yín ti rí i kẹ́yìn ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án. Páálí àwọ̀ ilẹ̀ ni, mo fi téèpù pupa dì í. Àdìrẹ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, aláró mẹ́rin àti aláwọ̀ ewé méjì. Ẹ fún mi lésì lórí ìwé kó tó di ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá. Bí ẹ bá rí i, mo ń béèrè owó ìfiránṣẹ́ mi padà. Bí ẹ kò bá rí i, mo ń béèrè iye ọjà náà pẹ̀lú.”

Ẹ má fojú kéré téèpù pupa yẹn. Bí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹrù bá ti já, nọ́ńbà kò wúlò mọ́. Àwọ̀ páálí àti ohun inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fi dá a mọ̀ láàárín àwọn ẹrù aláìlórúkọ. Kó fi ẹ̀dà wébíìlì, rìsíìtì ọjà àti ẹ̀rí owó tó dá padà sínú lẹ́tà náà.

Owó tó lè gbà ní òdiwọ̀n. Àdéhùn Montreal ti 1999, tí Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ fọwọ́ sí, ló ń darí ẹrù òfuurufú. Láti ìparí 2024, òdiwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 26 SDR lórí kílò kan. SDR jẹ́ ìṣirò owó Àjọ Owó Àgbáyé, ẹyọ kan rẹ̀ sì ju dọ́là kan lọ. Fún kílò 3, 78 SDR ni gbèdéke, àyàfi tó bá ti kéde iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì san àfikún owó tí wọ́n béèrè, nígbà tó ń fi ẹrù sílẹ̀. Gbèdéke ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn: àdánù tó bá fi ẹ̀rí hàn ni wọ́n ń san. Fún ìdí èyí, ẹ̀rí owó tó dá padà ṣe pàtàkì ju ojú ìwé mẹ́ta tó fi ń ṣàròyé lọ. Àdéhùn náà tún sọ pé bí ẹrù kò bá tíì dé lẹ́yìn ọjọ́ méje tó yẹ kó dé, a lè béèrè ẹ̀tọ́ wa bí ẹni tí ẹrù rẹ̀ sọnù.

Bó bá jẹ́ Èkó sí Ìlọrin ni ẹrù ń lọ nínú mọ́tò, òfin mìíràn ló kàn. Òfin ààbò oníbàárà ti Nàìjíríà, 2018, fún wa ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó parí lásìkò àti ìkìlọ̀ nígbà tí ìdádúró bá wà. Wọ́n sì lè dá apá kan owó padà. Bí èsì kò bá wá, àjọ FCCPC ni ẹ máa gbé ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ.

Bí ẹrù òfuurufú bá wá dé nígbà tí lẹ́tà ṣì wà lọ́nà, kí ẹni tó gbà á má rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Láti ọjọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ọjọ́ 21 ló ní láti fi ẹ̀sùn ìdádúró ránṣẹ́ lórí ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹjọ́ ti kú.