Íméèlì sí Ọ̀gá Tí A Kò Mọ̀ Bóyá Ọkùnrin Ni Tàbí Obìnrin

Ní ojú ewé okòwò tòní, ìlà méjì péré nínú íméèlì ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí: ìlà tí a fi ń kí ẹni tí a kọ ọ́ sí, àti ìlà tí a fi ń dágbére fún un. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tíṣà ni. Owó wà nínú rẹ̀.

Oníbàárà mi kan ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Heathway, ní Dagenham. Ó jẹ gbèsè owó ṣọ́ọ̀bù, £3,600. Lẹ́tà dé láti ilé-iṣẹ́ tó ni ilé náà pé kó san gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, tàbí kó kọ̀wé láti sọ bí yóò ṣe san án. Ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà náà kọ K. Harris. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ Head of Estates sí, ìyẹn olórí ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn ilé wọn. Mo ti pa orúkọ náà dà, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn: lẹ́tà kan ṣoṣo níwájú, orúkọ ìdílé lẹ́yìn. Kò sí Mr, kò sí Mrs, kò sí Dr.

Oníbàárà mi jókòó lálẹ́ lẹ́yìn tó ti ṣọ́ọ̀bù, ó kọ èsì, ó sì ní kí n bá òun wò ó kó tó lọ. Báyìí ni orí àti ìdí rẹ̀ ṣe rí:

```
Dear Sir,

Good day sir. I hope this mail meets you well
and in good health.

...

Thank you sir and remain blessed.

Yours faithfully,
```

Iṣẹ́ mi ni láti ka nǹkan, nítorí náà mo ka sir tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni. Mo bi í pé, "Àbúrò, ta ló sọ fún ọ pé ọkùnrin ni?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí i pé ọ̀gá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti wá. Nínú èdè tiwa, ẹ̀yà ara kò sí nínú ìkíni. "Ẹ káàárọ̀" kan náà ni a ń kí bàbá, òun náà ni a ń kí ìyá. "Wọ́n ti dé" lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni náà jù wá lọ. Nígbà tí a bá wá fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì, a ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò ṣe iṣẹ́ "ẹ" fún wa, Sir ló sì máa ń bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ilé ìwé náà ràn án lọ́wọ́: Dear Sir lókè, Yours faithfully nísàlẹ̀, bí àwọn tíṣà ṣe kọ́ wa fún ìdánwò WAEC nìyẹn. Àwọn akọ̀wé ìjọba ayé òyìnbó ní Nàìjíríà tilẹ̀ ń fi ìlà gígùn kan parí lẹ́tà wọn, èyí tí wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìránṣẹ́ onígbọràn. Ọ̀wọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sir kì í ṣe "ẹ". Ọkùnrin nìkan ni Sir.

Ẹ wá wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí K. Harris bá jẹ́ obìnrin. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò kà ni pé ẹni tó jẹ òun lówó kò gbà pé obìnrin lè ṣe olórí ẹ̀ka. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, yóò ṣì rí i pé òun kọ orúkọ òun sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ẹni tó ń dá òun lóhùn kò sì lò ó. Ó dà bíi pé kò ka lẹ́tà náà dé ìsàlẹ̀. Ti remain blessed àti I hope this mail meets you well tún yàtọ̀. Àdúrà dára, èmi náà ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ti rí nínú lẹ́tà àwọn oníjìbìtì 419, wọ́n sì lè pa íméèlì náà rẹ́ kí wọ́n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ owó wà.

Àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ń kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn agbẹjọ́rò Lọ́ńdọ̀nù ti ń fi Dear Sirs bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́, àní bí obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ọdún 2016, Freshfields, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò tó tóbi jù ní ìlú yìí, kéde pé àwọn kò ní kọ ọ́ mọ́.

Kí ni ká wá kọ? Orúkọ ẹni náà, bó ṣe kọ ọ́ fúnra rẹ̀ gẹ́lẹ́: Dear K. Harris, ó parí. Oníbàárà mi fò sókè. "Ẹ̀gbọ́n! Kí n máa pe orúkọ ọ̀gá lásán?" Ibi tí bàtà ti ń ta ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́sẹ̀ nìyí. Nílé, orúkọ àgbàlagbà kì í ṣe ohun tí a ń pè gbàkà. Níbí, orúkọ kíkún láìsí oyè ni ọ̀wọ̀ nígbà tí a kò bá mọ oyè. Ohun tó ń jẹ́ àìlọ́wọ̀ ni kí a méfò oyè náà kí a sì ṣì í.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà gbọ́dọ̀ pé. Dear Harris nìkan dà bí ìgbà tí ọ̀gá ilé ìwé ń pe ọmọ ìwé. Dear Sir Harris burú jù, nítorí Sir tó bá ṣáájú orúkọ jẹ́ oyè tí ọba fi ń dá ènìyàn lọ́lá, orúkọ àbísọ ló sì ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ti ìdílé. Ẹ óò sì rí Mx lórí àwọn fọ́ọ̀mù báyìí, oyè tí kò sọ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó wọ ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ní 2015. Ẹni tó bá fi pe ara rẹ̀ ni kí ẹ lò ó fún. Ẹ má fi í sí orí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bíi fìlà àyálò.

Kí á tó kọ Dear K. Harris, a kọ́kọ́ lo bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti wá ẹni náà. Mo ṣí ìkànnì Companies House, níbi tí ìwé gbogbo ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2015. Bí ẹni tí ẹ ń wá bá jẹ́ dáírẹ́kítọ̀, ẹ wo Filing history: ìlà tó sọ nípa ìyànsípò rẹ̀ sábà máa ń kọ Mr tàbí Mrs síwájú orúkọ. K. Harris kò sí níbẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe dáírẹ́kítọ̀. A wá pe fóònù ilé-iṣẹ́ náà láti bi ẹni tó bá gbé e ní ìbéèrè kan tí kò ní ìtìjú nínú: How does K. Harris prefer to be addressed in writing? Ẹ̀rọ ló dá wa lóhùn. A kò sì ní ọjọ́ láti fi ṣòfò.

Àwọn oyè kan wà tó ń gbà wá lọ́wọ́ wàhálà yìí, nítorí wọn kò ní akọ tàbí abo. Dr àti Professor wà níbẹ̀. Àwọn tí a dìbò yàn sí káńsù Barking and Dagenham náà: Dear Councillor àti orúkọ ìdílé, ó ti tó. Kìkì pé kí ẹ ṣọ́ra fún àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ nílẹ̀ yìí. Mr, Miss, Mrs tàbí Ms ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́, kì í ṣe Dr.

Ìdágbére ń tẹ̀ lé ìkíni bí ìdérí ìkòkò. Bí orúkọ bá wà lókè, Yours sincerely ló wà nísàlẹ̀, s rẹ̀ kékeré. Bí orúkọ kò bá sí, Yours faithfully ni. Nítorí náà, ká ní ẹni náà kò kọ orúkọ kankan, tí a rí ipò rẹ̀ nìkan, a ó kọ Dear Head of Estates, a ó sì fi Yours faithfully parí. Dear Sir or Madam ni mo fi sí ìkẹyìn pátápátá, fún ìgbà tí a kò mọ orúkọ, tí a kò mọ ipò. Àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ fún yín pé Kind regards ti tó. Òótọ́ ni, bí ẹ bá ti ń kọ̀wé síra yín tẹ́lẹ̀. Fún íméèlì àkọ́kọ́ sí ọ̀gá, tí gbèsè sì wà nínú rẹ̀, èmi ò ní lò ó.

Ohun tí a fi ránṣẹ́ nìyí, ní ọjọ́ karùn-ún nínú mẹ́rìnlá:

```
Dear K. Harris,

Thank you for your letter about the rent on
my shop. I owe £3,600 and I ask to pay it in
three monthly payments of £1,200, starting
on the 28th of this month.

Yours sincerely,
```

Lábẹ́ rẹ̀ ni oníbàárà mi kọ orúkọ ara rẹ̀ sí, ó sì fi Mr sínú àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi dandan lé ìyẹn. Ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá ni tọkùnrin tobìnrin ń jẹ́: Táíwò, Kẹ́hìndé, Bọ́lá, Tólú. Òyìnbó tó rí Tólú wà nínú irú òkùnkùn tí àwa náà wà níwájú K. Harris. Orúkọ tèmi wà lára wọn. Báńkì kan fi Ms kọ̀wé sí mi fún ọdún mẹ́rin, mo sì ní irùngbọ̀n.

Èsì dé ní ọjọ́ kejì. Wọ́n gba ìsanwó mẹ́ta náà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wàhálà tuntun wà: orúkọ tí ẹni náà fi parí ni Kim, láìsí nǹkan mìíràn. Oníbàárà mi ní, "Obìnrin ni, mo mọ Kim kan ní ṣọ́ọ̀ṣì." Mo ní ọkùnrin náà ń jẹ́ Kim. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá fi orúkọ àbísọ parí íméèlì ti fún wa láyè láti pè é bẹ́ẹ̀, nítorí náà Dear Kim kò burú nísinsìnyí. Ó mi orí. "Ẹni tó lè gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, kí n máa pè é ní Kim?" A fi ẹnu kò sí Dear Kim Harris, èyí tí kò lòdì sí òfin ẹnikẹ́ni.

Ó san ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta, ìwé ìdúpẹ́ dé láti ọ́fíìsì náà, mo sì ti fáìlì rẹ̀. Títí di òní a kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni Kim Harris tàbí obìnrin.